Fọ́ọ̀mù àti òfin fún wíwọ kíláàsì ara wa wò ní ẹ̀ka ìṣirò

Tíṣà_Ìṣirò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Olùkọ́ 7 la wà ní ẹ̀ka ìṣirò ilé-ìwé girama ìjọba kan, èmi ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí ẹ̀ka. Pírìńsípà ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kíláàsì ara wa wò láti sáà tó ń bọ̀. Ìṣẹ́jú 40 ni pírìọ́dù wa, ọmọ 60 sí 70 ló sì ń wà ní kíláàsì kan. Méjì nínú wa ti ń sọ pé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Irú fọ́ọ̀mù wo la máa lò, òfin wo la sì máa fi lélẹ̀ kó má di ìjà?

Bàbá_Ṣọ́ọ̀kì

Ọ̀gá Tíṣà, kí ẹ tó tẹ fọ́ọ̀mù kankan jáde, ẹ kọ́kọ́ pinnu ibi tí ìwé náà máa sùn lálẹ́. Ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù kọ́ ló ń dá ìjà sílẹ̀, ọ̀nà tó ń gbà lọ ni. Tí olùkọ́ bá fura pé ohun tí ẹlẹgbẹ́ òun kọ lè dé orí tábìlì pírìńsípà, kó sì lọ pàdé fọ́ọ̀mù Éépà tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọọdún níbẹ̀ nígbà tí ìgbéga bá dé, ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ wọn lánàá ló máa tún kọ́ lójú àlejò. Ẹ máa dá a mọ̀: àwọn ọmọ á ti nawọ́ sókè kí ìbéèrè tó parí, kò ní sí ẹni tó ṣì í, bọ́ọ̀dù á sì mọ́ tónítóní. Ẹ ò rí nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ẹni tí a bẹ̀ wò ló ni ìwé. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni, ọwọ́ rẹ̀ ló wà, ẹnikẹ́ni kì í yà á ní fọ́tò. Ìwé kékeré kan ló ń lọ sọ́dọ̀ pírìńsípà: orúkọ ẹni méjì, ọjọ́, àti "a ti ṣe é". Kí pírìńsípà fúnra rẹ̀ sọ èyí lójú gbogbo yín ní ìpàdé ẹ̀ka kí ẹnikẹ́ni tó wọ kíláàsì ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ bá a sọ ọ́, wọn ò ní gbà á gbọ́.

Iṣẹ́ náà pín sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ìpàdé ìṣẹ́jú 10, lánàá rẹ̀ tàbí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí a fẹ́ bẹ̀ wò ló máa mú ìbéèrè kan wá, ọ̀kan péré. "Ṣé mo ń kọ́ wọn dáadáa?" kì í ṣe ìbéèrè, torí kò sóhun tí ojú lè kà níbẹ̀. "Ta ló ń dáhùn ìbéèrè mi?" tàbí "Ìgbà mélòó ni mò ń dáhùn ìbéèrè ara mi?", àwọn yẹn ni ìbéèrè. Ìdí tó fi jẹ́ ọ̀kan ni pé láàárín ọmọ 65, ojú ẹnì kan ò lè tẹ̀ lé ju nǹkan kan lọ fún ìṣẹ́jú 40.

Ẹ̀kejì ni kíláàsì gan-an. Kí olùbẹ̀wò ti wọlé kí agogo tó lù, kó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ níwájú, níbi tó ti lè rí ojú àwọn ọmọ. Ẹni tó bá lọ jókòó sẹ́yìn, ìpàkọ́ ọmọ àti ojú olùkọ́ nìkan ló máa rí, bẹ́ẹ̀ ọmọ la wá wò. Kò ní sọ̀rọ̀, kò ní ran ọmọ lọ́wọ́, kò ní mi orí. Kò sì ní jáde kó tó parí, torí ìṣẹ́jú 5 tó gbẹ̀yìn ló ń fi hàn bóyá ẹ̀kọ́ dé ibi tó ń lọ.

Ẹ̀kẹta ni ìpàdé ẹ̀yìn kíláàsì, ìṣẹ́jú 20, kó má kọjá ọjọ́ 2. Ẹ má ṣe é ní yàrá olùkọ́. Kíláàsì tó ṣófo ló dáa.

Alága_Sáyẹ́ǹsì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ máàkì dà? Ẹ ṣe ohun mẹ́wàá sórí fọ́ọ̀mù: ìmúra sílẹ̀, ìdarí kíláàsì, ìlò bọ́ọ̀dù, ohùn olùkọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 1 sí 5, kẹ́ ẹ ro ó pọ̀ sí 50. Bí àwọn tó ń wá yẹ ilé-ìwé wò ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tí kò bá sí nọ́ńbà, ẹ kàn fẹ́ máa bára yín sọ̀rọ̀ dídùn ni. Ohun tí a ò bá wọ̀n, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń dàgbà?

Bàbá_Ṣọ́ọ̀kì

Alága, ẹ jàre nínú ìdajì rẹ̀, nọ́ńbà gbọ́dọ̀ wà. Ṣùgbọ́n kíkà yàtọ̀ sí máàkì.

Ẹ mú "ìdarí kíláàsì: 3". Kí ni olùkọ́ fẹ́ fi ìyẹn ṣe lọ́la? Ẹni tó fẹ́ràn kíláàsì tó dákẹ́ rọ́rọ́ á fún un ní 4, ẹni tó fẹ́ kí ọmọ máa jiyàn á fún un ní 2, kíláàsì kan náà sì ni. Tí máàkì bá sì ti wà lórí ìwé, òun lojú ẹni tí a bẹ̀ wò máa kọ́kọ́ lọ bá, kò tún ní ka ohun tó wà lókè rẹ̀ mọ́. Ohun tó tún burú ni pé láàárín ọ̀rẹ́, 4 ni gbogbo èèyàn ń gbà. Ẹ máa ro ó pọ̀ títí sáà á fi parí, 40 nínú 50 ni gbogbo ẹ̀ka.

Kíkà ni pé: "Olùkọ́ bi ìbéèrè 22, ọmọ 7 ló dáhùn lórúkọ." Ẹni méjì tó bá jókòó pa pọ̀, iye wọn ò ní jìnnà síra. Ẹ sì lè tún un kà lọ́sẹ̀ 3 sí i kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó yí padà. Ìdàgbà tí ẹ ń wá ti wà níbẹ̀ láìsí máàkì.

Ìyá_Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ẹ kú ìjíròrò. Ṣé fún àwọn ọmọ tó wá ṣe tíṣìn-práktíìsì ni? Kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní fọ́ọ̀mù tiwọn, máàkì sì wà lórí rẹ̀ torí ó wọ èsì ìdánwò wọn. Kẹ́ ẹ má lọ ṣe òmíràn kó tó di wàhálà.

Tíṣà_Ìṣirò

Rárá mà, àwa olùkọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́ ni, láàárín ara wa.

Ìyá_Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Háà, mo ṣì í kà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí àwọn tó ń bójú tó tíṣìn-práktíìsì mọ̀ tó máa wúlò fún yín. Bí àlejò bá wọlé lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo kíláàsì á dìde, wọ́n á kí i ní ohùn kan, olùkọ́ á ní kí wọ́n jókòó, àga á máa dún, ìṣẹ́jú 2 á ti lọ. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ti sọ fún wọn lánàá rẹ̀ pé, "Ọ̀gá lágbájá máa jókòó tì wá lọ́la. Iṣẹ́ tèmi ni wọ́n ń wò, ẹ má dìde." Àwọn ọmọ ń bẹ̀rù pé ìwà àwọn ni wọ́n wá kọ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dákẹ́ bí ẹni tó wà ní ilé ẹjọ́.

Tíṣà_Ìṣirò

Ẹ ṣeun mà. Bàbá Ṣọ́ọ̀kì, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè fi ojú fọ́ọ̀mù náà hàn wá, àti bí a ṣe ń kọ ọ́? Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ wa ò tíì tólẹ̀.

Bàbá_Ṣọ́ọ̀kì

Ìwé kan, iwájú àti ẹ̀yìn, ó tó. Iwájú ni olùbẹ̀wò ń kọ nínú kíláàsì:

Ọjọ́: ……  Kíláàsì: ……  Orí-ọ̀rọ̀: ……
Ìbéèrè mi (olùkọ́ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́): ……
Àwòrán ìjókòó: (àpótí kan fún bẹ́ńṣì kan)
Aago / Ohun tí olùkọ́ sọ tàbí ṣe / Ohun tí ọmọ sọ tàbí ṣe
Iye tí a kà: ……

Ẹ̀yìn ni àwọn méjèèjì jọ ń kọ níbi ìpàdé:

Ohun tí olùkọ́ rí nínú àkọsílẹ̀ yìí: ……
Ìbéèrè kan láti ẹnu olùbẹ̀wò: ……
Ohun kan tí mo fẹ́ dán wò, kíláàsì wo, ọjọ́ wo: ……

Ẹ ò rí "ibi tó dára" àti "àléébù" níbẹ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ wọ́n ni. Tí àpótí àléébù bá wà lórí ìwé, olùbẹ̀wò á wá ohun tó máa fi kún un, kódà tí kò bá rí nǹkan kan.

Ibi tí èèyàn púpọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni àárín ìwé náà. Wọ́n ń kọ ìdájọ́ níbi tó yẹ kí wọ́n kọ ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́. "Àwọn ọmọ ń gbádùn ẹ̀kọ́" ìdájọ́ ni. "Ọmọ 5 nawọ́ sókè, 3 ní bẹ́ńṣì tó gbẹ̀yìn ń da nóòtì bàọ́lọ́jì kọ", ohun tí ojú rí nìyẹn. Ẹ dán an wò báyìí: tí olùkọ́ bá lè sọ pé "irọ́ ni" sí ohun tí ẹ kọ, ìdájọ́ ni, ẹ pa á rẹ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú kíláàsì kan. SS1, ìdọ́gba onípò-kejì, x² + 6x + 5 = 0, wọ́n fẹ́ sọ apá òsì di onílọ́po méjì pípé. Ọmọ 64, ìlà bẹ́ńṣì 4, bẹ́ńṣì 8 nínú ìlà kan, ọmọ 2 lórí bẹ́ńṣì kan. Ìbéèrè olùkọ́ ni: "Ta ló ń dáhùn ìbéèrè mi?"

Olùbẹ̀wò ya àpótí 32. Nígbàkígbà tí ọmọ kan bá dáhùn, ó fa ìlà kékeré sínú àpótí bẹ́ńṣì rẹ̀. Tí gbogbo wọn bá jọ pariwo rẹ̀, ó fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé lábẹ́ "gbogbo wọn". Tí olùkọ́ bá dá ara rẹ̀ lóhùn, ó fà á sábẹ́ "olùkọ́". Láàárín èyí, ó ń kọ àkókò. Bí ó ṣe rí nìyí:

9.52  Olùkọ́: "Kí ni ìdajì 6?" / Gbogbo wọn: "Mẹ́ta!"
9.53  Olùkọ́: "Kí ló dé tí a fi fi 9 kún apá méjèèjì?" / Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Olùkọ́ dáhùn kó tó pé ìṣẹ́jú-àáyá 2.
9.55  Olùkọ́ ń kọ sí bọ́ọ̀dù. / Ọmọbìnrin kan, ìlà 3, bẹ́ńṣì 6, kọ (x + 3)² = 4. Ó wo ìwé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pa tirẹ̀ rẹ́.

Nígbà tí agogo lù, ìbéèrè 22 ló wà nílẹ̀. Gbogbo wọn ló jọ pariwo 9, olùkọ́ dá ara rẹ̀ lóhùn ní 6, ọmọ tí a pè lórúkọ dáhùn 7. Nínú 7 yẹn, 6 wá láti bẹ́ńṣì àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ọmọ 48 ló sì wà láti bẹ́ńṣì ìkẹta lọ sẹ́yìn, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló dáhùn lórúkọ.

Níbi ìpàdé, olùbẹ̀wò ò ní sọ pé "ẹ ò pe àwọn ará ẹ̀yìn". Ó máa ti àwòrán ìjókòó sí iwájú olùkọ́, á dákẹ́. Olùkọ́ á rí i fúnra rẹ̀, ó sì máa ń dùn ún díẹ̀, ẹ jẹ́ kó dùn ún. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè kan ṣoṣo ti olùbẹ̀wò: "Irú ìbéèrè wo ni wọ́n jọ pariwo, irú wo lẹ dá ara yín lóhùn?" Tí wọ́n bá jọ wo àkọsílẹ̀, wọ́n á rí i pé "ìdajì 6" àti irú rẹ̀ ni kíláàsì ń pariwo, àwọn "kí ló dé" ni olùkọ́ ń gbé mì fúnra rẹ̀. Ariwo yẹn ló ń tan olùkọ́ jẹ. Ó gbọ́ "Mẹ́ta!" láti ẹnu ogójì ọmọ, ó rò pé wọ́n ń bá òun bọ̀. Ọmọbìnrin bẹ́ńṣì 6 yẹn mọ̀ ọ́n, ó sì pa á rẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ọ̀mọ̀wé Mary Budd Rowe, ará Amẹ́ríkà, ka irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ó sì tẹ èsì jáde lọ́dún 1974. Ìṣẹ́jú-àáyá 1 péré ni olùkọ́ sábà máa ń dúró lẹ́yìn ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n dúró tó 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ohun kan tí olùkọ́ yìí kọ sẹ́yìn ìwé ni: "SS1B, Ọjọ́bọ̀: lẹ́yìn ìbéèrè 'kí ló dé', màá ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú mi, àwọn ọmọ bẹ́ńṣì kan á jọ sọ ọ́ fúnra wọn, kí n tó pe ẹnì kan láti bẹ́ńṣì 3 lọ sẹ́yìn." Ohun kan, kíláàsì kan, ọjọ́ kan. Olùbẹ̀wò lè padà wá fún ìṣẹ́jú 10 lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kó tún ìlà náà fà.

Alága_Sáyẹ́ǹsì

Ẹ̀gbọ́n, mo gba ti kíkà. Mo ju máàkì nù. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi lésì èyí: olùkọ́ kọ x² = 5x sí bọ́ọ̀dù, ó fi x pín apá méjèèjì, ó ní x = 5, ó parí. Ìdáhùn x = 0 ti sọnù. Ọmọ 64 ń da àṣìṣe kọ. Olùbẹ̀wò mọ̀, òfin sì ní kó má sọ̀rọ̀. Ó máa jókòó máa fa ìlà?

Bàbá_Ṣọ́ọ̀kì

Bẹ́ẹ̀ ni, kó jókòó. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago, kó sì sọ ọ́ fún un lẹ́nu ọ̀nà ní kété tí agogo bá lù, kó má dúró de ìpàdé. Olùkọ́ á tún un ṣe ní pírìọ́dù tó kàn, á sì bi àwọn ọmọ pé kí ló sọnù, ẹ̀kọ́ tó dáa ni ìyẹn gan-an. Tí olùbẹ̀wò bá lanu lẹ́ẹ̀kan lójú àwọn ọmọ, kò sẹ́ni tó máa ṣí ìlẹ̀kùn fún un mọ́ ní ẹ̀ka yẹn.

Ìyá_Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Mi ò gbà, Bàbá. Tí ọjọ́ náà bá jẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ńkọ́? Wọ́n á gbé e lọ sílé, wọ́n á ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá márùn-ún báyẹn. Kí olùbẹ̀wò kọ ọ́ sórí bébà kékeré, kó fi sórí tábìlì olùkọ́ nígbà tí àwọn ọmọ bá ń dà á kọ.

Bàbá_Ṣọ́ọ̀kì

Àwọn ọmọ máa rí bébà yẹn mà. Wọ́n ń rí gbogbo nǹkan.

Ọ̀gá_Àdáni

Ẹ jọ̀wọ́, ilé-ìwé àdáni ni tèmi. Ẹni tó ni ilé-ìwé fẹ́ ẹ̀dà gbogbo fọ́ọ̀mù, ó ní owó òun lòun fi ń san oṣù wa. Olùkọ́ 3 péré la wà ní ẹ̀ka. Kí la fẹ́ ṣe?

Bàbá_Ṣọ́ọ̀kì

Ó ní ẹ̀tọ́ láti mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ẹ jẹ́ kó wá wo kíláàsì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tirẹ̀, lọ́jọ́ tirẹ̀. Ìyẹn àyẹ̀wò ọ̀gá, èyí àbẹ̀wò ẹlẹgbẹ́. Tí wọ́n bá lo ìwé kan náà, àyẹ̀wò ọ̀gá ló máa gbé èkejì mì. Tó bá fi dandan lé e, ẹ gé ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan fún un, "ohun tí mo fẹ́ dán wò", tí olùkọ́ bá fọwọ́ sí i. Mi ò lè ṣèlérí pé á gbà.

Tíṣà_Ìṣirò

Ti ìpínṣẹ́ ló kù. Àwa 7 ò ṣeé pín sí méjì-méjì. Ìṣirò sì máa ń wà ní pírìọ́dù àárọ̀ fún gbogbo kíláàsì, a máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Alága_Sáyẹ́ǹsì

Ẹ má pín sí méjì-méjì. Ẹ tò ó ní òbìrìkìtì: èkíní wo èkejì, èkejì wo ẹ̀kẹta, títí ìkeje á fi wo èkíní. Tó bá jẹ́ méjì-méjì, "kí mi dáadáa, kí n kí ẹ dáadáa" ló máa dà. Ti àkókò, ẹ mú àtẹ àkókò yín. Pírìọ́dù 8 lóòjọ́, 40 lọ́sẹ̀. Tí olùkọ́ bá ní 24, ó ku 16 tó lè lọ jókòó síbòmíràn. Ẹ kọ pírìọ́dù tó ṣófo fún àwọn 7 sórí ìwé kan, kẹ́ ẹ to òbìrìkìtì yín sí bí ó bá ṣe bára mu. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kíláàsì tirẹ̀ sílẹ̀ lọ wo ti ẹlòmíràn, ìgbà kan péré tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, igbákejì pírìńsípà máa pa gbogbo ètò rẹ́. Níbi tí kò bá ti ṣeé ṣe rárá, ẹ yá olùkọ́ físíìsì kan. Kò ní máa tẹ̀ lé ìṣirò lórí bọ́ọ̀dù bíi tiwa, ojú rẹ̀ máa wà lára àwọn ọmọ.

Bàbá_Ṣọ́ọ̀kì

Ẹ gbọ́ ti Alága, ó ye é jù mí lọ. Kẹ́ ẹ fi sí ọ̀sẹ̀ 4 sí 9. Ṣáájú ìyẹn àwọn ọmọ ò tíì pé, lẹ́yìn rẹ̀ àtúnyẹ̀wò ìdánwò ló kù.

Àwọn òfin náà, ẹ kọ wọ́n sí ojú ìwé kan, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, kí pírìńsípà náà fọwọ́ sí i. Ẹni tí a bẹ̀ wò ló yan kíláàsì, ọjọ́ àti ìbéèrè. Kò sí àbẹ̀wò òjijì. Ohun tí wọ́n rí kì í dé yàrá olùkọ́, kì í dé orí Wátsáàpù ẹ̀ka, bó tilẹ̀ jẹ́ ìyìn, torí bí ẹ bá yin ẹnì kan níta, ẹni tí ẹ ò yìn ti gbọ́ tirẹ̀. Olùbẹ̀wò kì í gbani nímọ̀ràn àyàfi tí a bá bi í. Ẹni méjèèjì lè dá àbẹ̀wò dúró láìsọ ìdí, kí wọ́n mú ọjọ́ mìíràn. Ohun kan ṣoṣo ló ń já àṣírí: bí ọmọ bá wà nínú ewu tàbí wọ́n ṣe é léṣe. Ẹ kọ ìyẹn síbẹ̀ ní gbangba, kí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n kó tó di pé ó ṣẹlẹ̀.

Kíláàsì yín ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, ọ̀gá Tíṣà. Kí ẹni tó ń kùn jù nínú àwọn méjì yẹn ló wá jókòó.

Tíṣà_Ìṣirò

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ 4, SS1A, màá pè é. Ìbéèrè mi: "Ìgbà mélòó ni mò ń dáhùn ìbéèrè ara mi?" Ti x = 0 yẹn, a máa gbé e wá sí ìpàdé ẹ̀ka kí wọ́n dìbò lé e lórí, torí èmi náà ò tíì mọ apá tí màá wà.

Ìyá_Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ẹ wí fún un kó mú aago ọwọ́ àti bírò 2 wá. Kó má fi fóònù wo àkókò. Bó bá ti gbé fóònù sórí bẹ́ńṣì, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ á rò pé ó ń gba ohùn sílẹ̀.